Bí A Ṣe Ń Ṣe Àtẹ Ohùn fún Ilé Iṣẹ́: Ìwà, Ìró, àti Ọ̀rọ̀ Tí A Ń Lò Tàbí Tí A Ń Sá Fún

Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe áàpù tí àwọn ènìyàn fi ń fi owó ránṣẹ́. Ẹni mẹ́ta ló ń kọ̀wé lórúkọ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń kọ ìpolówó, ó sì fẹ́ràn láti máa dẹ́rìn-ín pa òǹkàwé. Ẹnì kejì ló ń kọ ohun tó ń hàn lójú áàpù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ le bí ìwé òfin. Ẹnì kẹta ń dá àwọn tí nǹkan dàrú mọ́ lọ́wọ́ lóhùn, àforíjì ló sì kún ìlà rẹ̀ gbogbo. Oníbàárà kan ṣoṣo ló ń ka ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lánàá, áàpù yìí ń bá a ṣàwàdà. Lónìí tí owó rẹ̀ há sọ́nà, áàpù kan náà ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Àtẹ ohùn la fi ń wá ojútùú sí èyí. Ìwé ojú kan tàbí méjì ni, tí ẹnikẹ́ni tó ń kọ̀wé fún ilé iṣẹ́ lè ṣí sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kó sì rí ìdáhùn kíákíá: irú ẹni wo là ń jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ wa, báwo la ṣe ń yí ìró rẹ̀ padà bí ọ̀ràn bá ṣe rí, àwọn ọ̀rọ̀ wo ló jẹ́ tiwa, àwọn wo ni kì í ṣe tiwa. Áàpù owó yìí ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ títí dé òpin, nítorí pé níbi tí owó bá wà, ìró tó ṣì kì í pẹ́ hàn.

Ẹ kọ́kọ́ ya ohùn àti ìró sọ́tọ̀

Ohùn ni ìwà tí ilé iṣẹ́ ń hù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í sì í yí padà láti ojú ewé kan dé òmíràn. Ìró ni bí a ṣe ń gbé ohùn náà sókè tàbí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ipò tí ẹni tó ń kà á wà. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Mailchimp, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣòwò fi ímeèlì ránṣẹ́, gbé síta fún àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ là á mọ́lẹ̀ dáadáa: ohùn kan náà lènìyàn ní nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n bó ṣe ń bá àwọn ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ kọ́ ló ṣe ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípàdé.

Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, nǹkan méjì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Yálà kí àtẹ yín sọ pé “a jẹ́ aláwàdà”, kí ẹnì kan sì ṣàwàdà nínú lẹ́tà tó ń sọ fún oníbàárà pé wọ́n ti ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Tàbí kí olúkúlùkù máa sọ pé ọ̀ràn tòun yàtọ̀, kí àtẹ náà má sì de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà apá mẹ́ta ni àtẹ wa máa ní: ìwà tí kì í yẹ̀, òṣùwọ̀n ìró tó ń yí, àti àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó ohun tí ẹ ti kọ jọ

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti inú ìpàdé tí gbogbo ènìyàn ti ń dá àbá ìwà rere. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tó ti jáde. Ẹ wá nǹkan bí 20 sí 30 ọ̀rọ̀ tí ilé iṣẹ́ ti kọ: ìkíni káàbọ̀, ìpolówó, àtẹ̀jíṣẹ́, ímeèlì, ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnì, ìkéde pé owó iṣẹ́ fẹ́ wọ́n sí i, èsì sí ẹni tó ń bínú. Ẹ rí i dájú pé ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ ti ìgbà tí nǹkan kò lọ dáadáa. Ìpolówó rọrùn láti kọ. Ibi tí ohùn ti ń já ni ibi ìròyìn búburú.

Ẹ yọ orúkọ àti àmì ilé iṣẹ́ kúrò lára gbogbo wọn, kí ẹ wá pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Òkìtì kìíní ni èyí tí ẹ kà tí ẹ sì sọ pé “àwa nìyí gan-an”. Òkìtì kejì ni èyí tí ilé iṣẹ́ èyíkéyìí lè kọ. Òkìtì kẹta ni èyí tí ẹ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Òkìtì kejì ló sábà máa ń ga jù, kò sì yẹ kí èyí kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín, torí pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yín wà. Ẹ pe ẹnì kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín láti tún un pín lójú tirẹ̀. Níbi tí tirẹ̀ bá ti yàtọ̀ sí tiyín, ẹ béèrè ìlà wo ló jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan náà, ẹ kó ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà fúnra wọn jọ láti inú ìbéèrè àti ẹ̀sùn tí wọ́n ti fi ránṣẹ́. Ẹ má ṣàtúnṣe rẹ̀. A ó nílò rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹrin.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwà mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ààlà rẹ̀

Ìwà mẹ́ta tó. Bí ó bá pọ̀ jù mẹ́rin lọ, kò sẹ́ni tó máa rántí wọn nígbà tó bá jókòó ti iṣẹ́, ìwà kan á sì máa ta ko òmíràn. Ẹ wo òkìtì kìíní, kí ẹ bi ara yín léèrè pé kí ló pa àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn pọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí mo fọkàn tán láti fi sẹ́ ìwà tó wúlò kúrò lára èyí tí kò wúlò. Ẹ yí ìwà náà padà sí òdìkejì rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ilé iṣẹ́ gidi kan lè mọ̀ọ́mọ̀ yan òdìkejì náà. Ẹ mú “olóòótọ́”. Òdìkejì rẹ̀ ni “onírọ́”. Ilé iṣẹ́ wo ló máa sọ pé irọ́ lòun yàn? Kò sí. Nítorí náà “olóòótọ́” kò ya yín sọ́tọ̀ lára ẹnikẹ́ni, kò sì lè ran òǹkọ̀wé lọ́wọ́ láti yan ọ̀rọ̀ kan kó fi òmíràn sílẹ̀. Ẹ wá mú “sísọ ojú abẹ níkòó”. Òdìkejì rẹ̀ ni kí a máa fi ọgbọ́n yí ọ̀rọ̀ ká, kí a máa rọra débẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan lè yan ìyẹn láìṣẹ̀: ilé ìwòsàn tó ń kọ̀wé sí ẹni tí àìsàn ńlá ń bá fínra lè yan kí ó máa rọra sọ ọ́. Yíyàn gidi nìyẹn, ó sì lè wọ inú àtẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ìwà kọ̀ọ̀kan ní ààlà pẹ̀lú “ṣùgbọ́n a kì í”. Ìwà tí kò ní ààlà máa ń di àṣejù lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ti áàpù owó wa rèé:

A máa ń sọ ojú abẹ níkòó, ṣùgbọ́n a kì í kanra. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló máa ń ṣáájú nínú gbólóhùn wa, àlàyé tẹ̀ lé e. A kì í sọ “kò ṣeé ṣe” ká sì dákẹ́ síbẹ̀. A máa ń sọ ohun tó ṣeé ṣe pẹ̀lú.

A ní ọ̀yàyà, ṣùgbọ́n a kì í ṣe bí ọ̀rẹ́ àtọjọ́mọ́jọ́. A máa ń kí ènìyàn, a sì máa ń dúpẹ́ níbi tí ọpẹ́ bá tọ́. A kì í pe ẹni tí a kò mọ̀ ní “olólùfẹ́ wa”, a kì í sì í béèrè bí ilé ṣe wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wá owó rẹ̀.

Ọkàn wa máa ń balẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í fojú di ìṣòro. A kì í pariwo, a kì í to àmì ìyanu jọ. Síbẹ̀ a kì í pe ohun tó ń ba oníbàárà lẹ́rù ní “ìṣòro ráńpẹ́”.

Ẹ kíyè sí i pé ìlà kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí ọwọ́ lè ṣe lórí bébà. “Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló máa ń ṣáájú” jẹ́ ohun tí a lè yẹ̀ wò nínú gbólóhùn kan, kí a sì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ìlà kan nínú àtẹ yín kò bá ṣeé yẹ̀ wò báyìí, ìfẹ́ ọkàn lásán ni, ẹ tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: òṣùwọ̀n ìró

Ní 2016, Kate Moran ti Nielsen Norman Group, ilé iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo ìkànnì àti áàpù, kọ nípa òṣùwọ̀n mẹ́rin tí a lè fi wo ìró ọ̀rọ̀ èyíkéyìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń lò ó títí di òní nítorí pé ó mọ níwọ̀n. Mo fi nọ́ńbà 1 sí 5 kún un kí àríyànjiyàn lè dínkù.

Òṣùwọ̀n kìíní lọ láti ọ̀rọ̀ ojúlùmọ̀ (1) dé ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ (5). Ìkejì lọ láti àwàdà (1) dé àìṣàwàdà rárá (5). Ìkẹta lọ láti àfojúdi (1) dé ìbọ̀wọ̀ (5). Ìkẹrin lọ láti ìtara (1) dé sísọ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí láìfi nǹkan kún un (5).

Àwọn mẹ́rin yìí kì í rìn pọ̀ bí ènìyàn ṣe máa ń rò. Ọ̀rọ̀ lè jẹ́ ti ojúlùmọ̀ kí ó má sì ní àwàdà kankan nínú. Ó lè ní àwàdà kí ìbọ̀wọ̀ rẹ̀ má dín. Òṣùwọ̀n kẹta ló máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù, nítorí wọ́n máa ń kà á mọ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n á rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ti le tó ni ìbọ̀wọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Èsì tó kún fún èdè ìwé òfin lè tàbùkù oníbàárà pátápátá. Ohun tí òṣùwọ̀n yìí ń wọ̀n ni bóyá a ka ẹni náà àti ọ̀ràn rẹ̀ sí.

Ẹ kọ́kọ́ fún ilé iṣẹ́ ní ipò àtìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ibi tí ìró wà nígbà tí nǹkan pàtàkì kan kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ to àwọn ipò tí oníbàárà lè wà, kí ẹ sì sọ nọ́ńbà tó yí. Ti áàpù wa:

| Ipò oníbàárà | Ìwé àṣẹ | Àìṣàwàdà | Ìbọ̀wọ̀ | Bó ṣe rí |
|---|---|---|---|---|
| Àtìbẹ̀rẹ̀ | 2 | 4 | 4 | 3 |
| Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ | 2 | 3 | 4 | 2 |
| Owó rẹ̀ dé ibi tó ń lọ | 2 | 4 | 4 | 3 |
| Owó rẹ̀ há sọ́nà | 2 | 5 | 5 | 5 |
| Owó iṣẹ́ fẹ́ wọ́n sí i | 2 | 5 | 5 | 5 |
| A ti àkáǹtì rẹ̀ pa nítorí ìfura jìbìtì | 3 | 5 | 5 | 5 |

Ẹ wo òpó àkọ́kọ́ dáadáa. Nígbà tí owó há, àwàdà lọ, ìtara lọ, ìbọ̀wọ̀ gòkè, ṣùgbọ́n èdè ìwé àṣẹ kò gòkè rárá. Èmi gan-an ló máa ń tẹnu mọ́ èyí níbi gbogbo. Bí ilé iṣẹ́ bá ti rí wàhálà, èdè rẹ̀ á yí padà di ti agbẹjọ́rò lójijì, oníbàárà á sì gbọ́ nínú rẹ̀ pé wọ́n ti ń fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ òun. Ìgbà tí ọkàn ènìyàn kò balẹ̀ ló nílò ọ̀rọ̀ tó rọrùn jù. Ìlà tó kẹ́yìn nìkan ló gòkè sí 3, nítorí pé ọ̀rọ̀ jìbìtì ní gbólóhùn tí òfin lè béèrè fún.

Ohun kan tún wà tí àtẹ èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ pinnu ní òpó àkọ́kọ́ yìí: ṣé “o” la máa lò fún oníbàárà ni àbí “ẹ”? Ẹ má fi í sílẹ̀ fún òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan. Bí ojú ewé kan bá sọ “owó rẹ”, tí èkejì sọ “owó yín”, òǹkàwé á mọ̀ pé ènìyàn méjì ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Áàpù wa yan “ẹ” níbi gbogbo, àyàfi orí bọ́tìnì. Orí bọ́tìnì, “Fi ránṣẹ́” la kọ, a kò kọ “Ẹ fi ránṣẹ́”, nítorí pé níbẹ̀ oníbàárà ló ń pàṣẹ fún áàpù, áàpù kọ́ ló ń pàṣẹ fún oníbàárà. Ẹ lè pinnu ohun tó yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí pé òǹkọ̀wé tuntun á béèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọ̀rọ̀ tí a ń lò àti èyí tí a ń sá fún

Apá yìí ni wọ́n máa ń ṣí jù, òun náà ló sì máa ń bàjẹ́ jù, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọn kò fẹ́ràn síbẹ̀ láìsọ ìdí. Ẹ wo bí ìkànnì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, GOV.UK, ṣe ṣe tirẹ̀. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé wọn gbọ́dọ̀ yẹra fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní ìdí kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nípa “deliver”, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí kí a gbé nǹkan dé ọ̀dọ̀ ẹni, wọ́n ní píṣà, lẹ́tà àti iṣẹ́ ìlú la lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn, kì í ṣe ohun tí a kò lè fọwọ́ bà bí “ìtẹ̀síwájú”. Ẹni tó bá ka ìdí yẹn lẹ́ẹ̀kan á dá ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́ mọ̀ fúnra rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí lórí àkọsílẹ̀.

Òpó mẹ́rin ni mo máa ń fún apá yìí: ọ̀rọ̀ tí a ń lò, ọ̀rọ̀ tí a ń sá fún, ìdí, àti ibi tí a ti gbà á láàyè. Díẹ̀ rèé nínú ti áàpù wa:

| A ń lò | A ń sá fún | Ìdí | A gbà á láàyè |
|---|---|---|---|
| fi owó ránṣẹ́ | tiransákíṣọ̀n | Ọ̀rọ̀ báǹkì ni, oníbàárà kì í sọ ọ́ | Ìwé àdéhùn |
| láàárín wákàtí 24 | láìpẹ́, kíákíá | Kò sọ ìgbà kankan | Kò sí |
| a ṣe àṣìṣe | àṣìṣe wáyé | Ó ń fi ẹni tó ṣe é pamọ́ | Bí a kò bá tíì mọ ẹni tó ṣe é |
| a kò rí nọ́ńbà yìí | ẹ kùnà láti tẹ nọ́ńbà tó tọ́ | Ó ń dá oníbàárà lẹ́bi | Kò sí |
| orúkọ ẹni náà | ẹ̀yin oníbàárà wa iyebíye | Ó ń fi hàn pé a kò mọ̀ ọ́n | Kò sí |
| iye owó iṣẹ́ gan-an | owó táṣẹ́rẹ́ kan | Oníbàárà ló máa sọ bóyá ó kéré | Kò sí |

Níbo la ti rí ọ̀rọ̀ òpó kìíní? Inú ọ̀rọ̀ oníbàárà tí a kó jọ ní ìgbésẹ̀ kìíní ni. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá ń kọ̀wé pé “owó mi há”, tí kò sí ẹni tó ń kọ pé “tiransákíṣọ̀n mi kò kẹ́sẹ járí”, ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ oníbàárà la máa gbà o. Bí wọ́n bá ń pe nǹkan méjì ní orúkọ kan, tí ìyàtọ̀ àárín wọn sì lè fa àdánù owó, ilé iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ yan orúkọ méjì kó sì dúró tì wọ́n.

Òpó kẹrin ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, òun ló sì ń gba àtẹ lọ́wọ́ ìjà. Agbẹjọ́rò á sọ pé ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn bó ṣe wà. Ó lè tọ̀nà. Bí àtẹ bá ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti láyè, kò ní yọ́ wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́ lórúkọ òfin.

Ẹ má jẹ́ kí àkọsílẹ̀ yìí kọjá 30 ìlà. Bí ó bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, wọn kò ní kà á mọ́, wọ́n á kàn máa fi Ctrl + F wá ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi àtẹ náà tún ìròyìn búburú kan kọ

Ẹ mú èyí tó burú jù nínú òkìtì kẹta yín. Ti áàpù wa nìyí, bó ṣe wà kí a tó ṣe àtẹ:

“Ẹ̀yin oníbàárà wa iyebíye, ìṣòro ráńpẹ́ kan wáyé lórí tiransákíṣọ̀n yín. A ń ṣiṣẹ́ takuntakun láti yanjú rẹ̀ láìpẹ́. A tọrọ àforíjì fún ìdíwọ́ èyíkéyìí tó lè ti fà. Ẹ ṣeun fún sùúrù yín.”

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kà á. Nǹkan mẹ́rin ló wà lọ́kàn rẹ̀ lásìkò yẹn: níbo ni owó mi wà, ṣé mo ti pàdánù rẹ̀, nígbà wo ni ọ̀rọ̀ yìí máa parí, kí ni kí n ṣe báyìí? Gbólóhùn mẹ́rin wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó dáhùn ọ̀kan nínú wọn. Àforíjì náà tún bà á jẹ́ sí i, torí pé “tó lè ti fà” ń ṣiyè méjì nípa ohun tí oníbàárà ń fojú ara rẹ̀ rí. Ọpẹ́ ìkẹyìn ń dúpẹ́ fún sùúrù tí kò tíì ní.

Lórí òṣùwọ̀n, ó wà ní nǹkan bíi 4, 5, 2, 3. Àtẹ wa sọ pé 2, 5, 5, 5. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ti hàn: èdè ìwé àṣẹ ní láti rọlẹ̀, ìbọ̀wọ̀ ní láti gòkè púpọ̀, “takuntakun” sì gbọ́dọ̀ kúrò nítorí ìtara ni. Lórí àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀, “iyebíye”, “tiransákíṣọ̀n”, “wáyé” àti “láìpẹ́” ti jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí òǹkọ̀wé tó kọ èyí tuntun, ó gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ, kó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an àti iye wákàtí tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé owó máa padà. Bí wọn kò bá lè sọ iye wákàtí, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú àtẹ tó lè sọ ọ́ fún wọn. Kí a sọ pé wọ́n dáhùn pé báǹkì tó yẹ kó gba owó náà ni kò tíì fèsì, àti pé wákàtí 24 ni àdéhùn. A ó kọ ọ́ báyìí:

“Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ kò tíì dé. Ó ti kúrò nínú àkáǹtì yín, báǹkì tó fẹ́ gbà á ni kò tíì fún wa lésì. Kò sọnù. Bí kò bá tíì dé láàárín wákàtí 24, a ó dá a padà sínú àkáǹtì yín, a ó sì sọ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi òmíràn ránṣẹ́, kí ó má baà lọ lẹ́ẹ̀mejì.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, bí ìwà kìíní ṣe wí. Ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rí èsì. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni ìbọ̀wọ̀ ti hàn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé nínú rẹ̀: a ti ro ohun tí ẹni náà máa fẹ́ ṣe, a sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àdánù. Kò sí àforíjì níbẹ̀ nítorí pé àṣìṣe kì í ṣe tiwa. Ká ní tiwa ni, “a ṣe àṣìṣe” á wọlé lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ohun tí a ṣe gan-an, a ò sì ní tún un sọ.

Ẹ tún kíyè sí ẹ̀bi tí a gbé fún báǹkì. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ yọ ọ́. “A kò tíì rí èsì pé ó ti dé” tó, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì, ti àtijọ́ àti tuntun, sínú àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òǹkọ̀wé tuntun máa ń kọ́ nǹkan lára irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ ju lára nọ́ńbà lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fún òǹkọ̀wé méjì ní iṣẹ́ kan

Ẹ mú ipò kan tí kò sí àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú àtẹ, bí ìkéde pé owó iṣẹ́ fẹ́ wọ́n sí i. Ẹ fún òǹkọ̀wé méjì ní òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà àti àtẹ, kí wọ́n kọ ọ́ láìrí ti ara wọn. Ẹ wá fún ẹnì kẹta ní ìwé méjèèjì, kó fi nọ́ńbà òṣùwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i láìwo ohun tí àtẹ sọ.

Bí nọ́ńbà àwọn méjèèjì bá fi 1 yàtọ̀, kò sí wàhálà. Ènìyàn ni wọ́n. Bí ó bá fi 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ lórí òṣùwọ̀n kan, àtẹ ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì pé ìlà wo ni wọ́n tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń tọ́ka sí ìlà kan náà, tí olúkúlùkù sì kà á sí ọ̀tọ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, “a ní ọ̀yàyà” lè mú kí ẹnì kan fi ọpẹ́ gígùn bẹ̀rẹ̀ ìkéde owó iṣẹ́, kí iye owó náà sì lọ sápamọ́ sí ìsàlẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi ìlà kan kún ààlà ìwà náà: “ọpẹ́ kì í ṣáájú ìròyìn búburú”. Bí nọ́ńbà àwọn méjèèjì bá sì bára mu ṣùgbọ́n tí wọ́n jìnnà sí ti àtẹ, ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà àtẹ gan-an ṣì. Ẹ tún un rò.

Títọ́jú àtẹ

Kí ẹnì kan ṣoṣo ni ín, kí orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ àtúnṣe tó kẹ́yìn sì wà lókè rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ kọ̀wé ní èdè mìíràn, ìwà àti ipò oníbàárà lè bá a lọ, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ kò ṣeé túmọ̀. Ọ̀rọ̀ oníbàárà tó ń sọ èdè náà ni kí ẹ fi tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún òpó ìwé àṣẹ wò.

Ẹnikẹ́ni ló lè dábàá ọ̀rọ̀ tuntun fún òpó ohun tí a ń sá fún, ṣùgbọ́n kí ó mú gbólóhùn gidi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣi oníbàárà lọ́nà dání, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí yóò rọ́pò rẹ̀. Bí ìlà bá ti pé 30, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde kí òmíràn tó wọlé. Èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ yọ ni èyí tí kò sẹ́ni tó tún ń ṣì í lò mọ́.